Orí Kẹfà: Àfiwé Ẹlẹ́lọ̀ọ́ Inú Èrò nínú Ọ̀rọ̀ Ẹnu Ojoojúmọ́

Èròǹgbà

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- ṣàlàyé ohun tí tíọ́rì àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ inú èrò sọ, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu Yorùbá gbè é lẹ́sẹ̀;
- tú gbólóhùn kan palẹ̀ láti mọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ àfiwé nínú rẹ̀;
- ṣàlàyé bí *iwájú* àti *ẹ̀yìn* ṣe ń tọ́ka sí àkókò;
- sọ àríwísí mẹ́rin tí àwọn onímọ̀ ní sí tíọ́rì náà.

6.1 Ibi tí tíọ́rì náà ti bẹ̀rẹ̀

Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀, ọnà èdè ni a ka àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ sí. Akéwì pe ọba ní ẹkùn, ó pe olówó ní odò tí kì í gbẹ. Èrò tó wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ yìí ni pé bí a bá bọ́ ọ̀ṣọ́ náà kúrò lára ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ yóò ṣì wà níbi tó wà.

George Lakoff, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, àti Mark Johnson, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ta ko èyí nínú ìwé kan tí ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ṣikágò gbé jáde ní 1980. Wọ́n ní inú èrò ni àfiwé ń gbé, pé èyí tó hàn nínú ọ̀rọ̀ kàn jẹ́ àmì rẹ̀ ni. Ẹni tí kò kéwì rí, tó kàn ń ná ẹja lọ́jà, ń fi nǹkan kan ro nǹkan mìíràn láti àárọ̀ dalẹ́. Ní 1979, ọdún kan ṣáájú ìwé wọn, Michael Reddy ti fi hàn pé àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé èrò jẹ́ ẹrù tí a dì sínú ọ̀rọ̀, tí a sì fi ránṣẹ́ sí olùgbọ́ kí ó tú u. Lakoff àti Johnson gba ọ̀nà yẹn, wọ́n sì fẹ̀ ẹ́ dé ibi gbogbo nínú èdè.

6.2 Àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ inú èrò ni àṣà fífi ohun tí a mọ̀ dáadáa ro ohun mìíràn tó ṣòro láti dì mú, lọ́nà tó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ gbólóhùn ló ń ti ibẹ̀ jáde. Lẹ́tà ńlá ni a fi ń kọ ọ́ kí a lè yà á sọ́tọ̀ sí gbólóhùn lásán, bí àpẹẹrẹ: ÌGBÉSÍ AYÉ JẸ́ ÌRÌNÀJÒ. Ìmọ̀ ìpìlẹ̀ ni ibi tí a ti ń yá ọ̀rọ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìrìnàjò ni. Ìmọ̀ àfojúsùn ni ohun tí a fẹ́ lóye. Ìgbésí ayé ni. Ìsopọ̀ ni bí apá kọ̀ọ̀kan nínú ìmọ̀ ìpìlẹ̀ ṣe bá apá kan nínú ìmọ̀ àfojúsùn dọ́gba.

A bí ọmọ, a ní ó *wáyé*. Iṣẹ́ rẹ̀ ń dára, a ní ó ń *tẹ̀síwájú*, tàbí pé *ọ̀nà ti là* fún un. Kò rí já, a ní *ọ̀nà dí*. Ó ń hùwà burúkú, a ní ó ti *ṣìnà*. Ó kú, a ní ó ti *lọ*, ó ti *fi ayé sílẹ̀*, tàbí, bó bá jẹ́ àgbà, *Bàbá ti relé*. Ìsopọ̀ tó wà níbẹ̀ hàn kedere. Ènìyàn ni arìnrìnàjò, àǹfààní ni ọ̀nà, ìṣòro ni ìdènà, ikú sì ni ìlọ.

Gbólóhùn *Bàbá ti relé* yẹn yẹ ní wíwò dáadáa. Nínú ìṣàlàyé tí Lakoff ṣe lórí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àfojúsùn tí ènìyàn ń lé nínú ayé ni ibi tí ìrìnàjò ń lọ. Lẹ́nu Yorùbá, ilé wà lẹ́yìn ìrìnàjò náà, ayé sì jẹ́ ibi tí a yà sí. Òwe tó ní ayé lọjà, ọ̀run nilé, orí ìsopọ̀ yìí ló dúró lé. Àfiwé kan náà lè wà nínú èdè méjì kí apá tí wọ́n tẹnu mọ́ nínú rẹ̀ má sì jọra.

Ìpìlẹ̀ nínú ara ni orúkọ tí a ó fún àlàyé Lakoff àti Johnson nípa ibi tí àfiwé ti ń wá. Wọ́n ní ohun tí ara wa ti rí láti kékeré ló bí i. Bí a bá ń da gààrì sínú kóńgò, bó ṣe ń pọ̀ ló ń ga. Ojú ti rí èyí tó pọ̀ tó pẹ́ débi pé púpọ̀ àti gíga ti so mọ́ra nínú èrò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé owó epo *lọ sókè* tàbí pé ó *wálẹ̀*, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó kò gun ibì kankan.

6.3 Bí a ṣe ń dá a mọ̀ nínú gbólóhùn

Ní ìbẹ̀rẹ̀, olùwádìí kọ̀ọ̀kan ló ń fi ojú ara rẹ̀ pinnu ohun tó jẹ́ àfiwé. Ní 2007, àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n pe ara wọn ní Pragglejaz gbé ìlànà kan kalẹ̀ kí ẹni méjì tó ka ọ̀rọ̀ kan náà lè dé ibì kan náà. Kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà tán kí o lóye rẹ̀. Pín in sí ẹyọ ọ̀rọ̀. Fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wo ìtumọ̀ tó ní níbẹ̀, kí o sì bi ara rẹ bóyá ó ní ìtumọ̀ mìíràn níbòmíràn, èyí tó ṣe é fojú rí, tó ṣe é fọwọ́ kàn tàbí tó kan ara. Bí ìtumọ̀ méjèèjì bá yàtọ̀, tí a sì lè fi ìkejì lóye ìkíní, sàmì sí i pé àfiwé ni.

Ẹ jẹ́ kí a dán an wò lórí *Ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀*. Ní pípín in, a rí *ẹjọ́, náà, kò, ní, ẹsẹ̀, ní, ilẹ̀*. *Ẹsẹ̀* níbí túmọ̀ sí ẹ̀rí tí ẹjọ́ lè gbára lé. Ìtumọ̀ rẹ̀ níbòmíràn ni ẹ̀yà ara tí a fi ń dúró. Méjèèjì yàtọ̀, a sì lè fi ìdúró ara lóye ìdúró ẹjọ́, nítorí náà àfiwé ni. *Ilẹ̀* náà rí bẹ́ẹ̀. *Ẹjọ́, náà* àti *kò* wà ní ìtumọ̀ ara wọn.

Ibi tí ìlànà yìí ti ń dààmú onímọ̀ Yorùbá ni pípín ọ̀rọ̀. Orí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, níbi tí àlàfo inú ìwé ti ń fi ẹyọ ọ̀rọ̀ hàn. Ní Yorùbá, ìpajẹ fáwẹ̀lì ti lẹ ọ̀rọ̀ pọ̀: *jẹ̀bi* ti ara *jẹ* àti *ẹ̀bi* wá, *fìdí* ti ara *fi* àti *ìdí*. Bí a bá ka *jẹ̀bi* sí ẹyọ kan, kò ní ìtumọ̀ mìíràn tó ṣe é fojú rí, kò sì ní àmì. Bí a bá tú u, *jẹ* yóò gba àmì. Olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èyí tí òun mú, nítorí iye àfiwé tí yóò kà dúró lórí rẹ̀.

6.4 Iwájú, ẹ̀yìn àti àkókò

Àkókò ni ìmọ̀ àfojúsùn tí wọ́n ti ṣèwádìí lé lórí jù, nítorí pé kò sí ẹni tó fojú rí i. Ààyè ni ọ̀pọ̀ èdè fi ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ọ̀nà méjì ló sì wọ́pọ̀.

Nínú ọ̀nà kìíní, àwa dúró, àkókò ló ń rìn bọ̀ wá bá wa: *ọdún tó ń bọ̀, oṣù tó kọjá, Iléyá ti ń sún mọ́lé*. Nínú ọ̀nà kejì, àwa là ń rìn, àkókò sì tẹ́ sílẹ̀ bí ilẹ̀: *a ti wọ oṣù Ẹrẹ́nà, a ti la ọdún já, bí a bá dé ìparí ọ̀sẹ̀*. Nínú méjèèjì, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ wà níwájú wa, ìyẹn *ọjọ́ iwájú*. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ wà lẹ́yìn, a sì ní *ọdún méjì sẹ́yìn* tàbí *àtẹ̀yìnwá*.

Ìṣòro dé bí a bá gbọ́ tí òbí ní òun ń ṣiṣẹ́ nítorí *ẹ̀yìn ọ̀la* àwọn ọmọ òun. Ohun tí kò tíì dé ni ẹ̀yìn ọ̀la. *Lẹ́yìn ìpàdé* pẹ̀lú jẹ́ ìgbà tó tẹ̀ lé ìpàdé. Ó wá dà bí ẹni pé *ẹ̀yìn* ń tọ́ka sí ohun tó kọjá àti ohun tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni kí a bèèrè pé ẹ̀yìn ta ni. Nínú *ọdún méjì sẹ́yìn*, ẹ̀yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni. Nínú *ẹ̀yìn ọ̀la*, ẹ̀yìn ọ̀la fúnra rẹ̀ ni. Àwọn ọjọ́ tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n kọjú sí wa, wọ́n ń bọ̀. Ọ̀la ló ṣíwájú, èyí tó tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò dé lẹ́yìn rẹ̀. Rafael Núñez àti Eve Sweetser tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí nínú iṣẹ́ wọn ní 2006. Wọ́n ní a gbọ́dọ̀ ya gbólóhùn tó fi ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n sọ́tọ̀ sí èyí tó fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣe òṣùwọ̀n fún òmíràn. Ẹni tí kò bá yà wọ́n yóò sọ pé Yorùbá ń ta ko ara rẹ̀, tàbí pé Yorùbá kẹ́yìn sí ọjọ́ iwájú, èyí tí *ẹ̀yìn ọ̀la* nìkan kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Èdè kan wà tí ó dà bíi pé ó kẹ́yìn sí ọjọ́ iwájú lóòótọ́. Àwọn Aymara ní àgbègbè òkè Áńdíìsì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ń lo ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ojú tàbí iwájú fún ohun tó ti kọjá, wọ́n sì ń lo ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fún ohun tó ń bọ̀. Núñez àti Sweetser kò dá ọ̀rọ̀ náà nìkan gbọ́. Wọ́n ya fídíò àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà tí kò gbọ́ Sípáníìṣì dáadáa ń nawọ́ síwájú bí wọ́n bá ń sọ ohun ìgbà àtijọ́, wọ́n sì ń nawọ́ sẹ́yìn bó bá di ti ọjọ́ iwájú.

6.5 Ẹ̀rí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀

Ní 2002, Lera Boroditsky àti Michael Ramscar bi àwọn ènìyàn ní Gẹ̀ẹ́sì pé ìpàdé Ọjọ́rú ti sún síwájú ní ọjọ́ méjì, ọjọ́ wo ló wá bọ́ sí? Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn méjì ló ṣeé ṣe. Ẹni tó bá ro pé àkókò ló ń rìn yóò sọ pé ọjọ́ Ajé. Ẹni tó bá ro pé òun ló ń rìn yóò sọ pé ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n rí i pé ọjọ́ Ẹtì pọ̀ sí i lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù ju lẹ́nu àwọn tó wá pàdé èrò ní pápákọ̀ òfuurufú lọ. Ìrìn ara, tàbí ríro ìrìn náà, ti kan bí wọ́n ṣe ro ọjọ́.

A kò kàn lè túmọ̀ ìbéèrè yìí sí Yorùbá kí a sì lọ bi ènìyàn. Lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn, *wọ́n sún ìdìbò síwájú* ti di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí pé wọ́n fi í sí ọjọ́ tó jìnnà sí i. Ìdáhùn ọjọ́ Ẹtì tí a bá gbà kò ní fi ohunkóhun hàn ju pé olùdáhùn gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní 2008, Daniel Casasanto àti Boroditsky gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi ìlà tó ń gùn díẹ̀díẹ̀ han àwọn ènìyàn lójú kọ̀ǹpútà. Bí ìlà bá ṣe gùn tó ni wọ́n ṣe rò pé ó pẹ́ tó, kódà nígbà tí àkókò kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe pẹ́ tó kò yí bí wọ́n ṣe díwọ̀n gígùn rẹ̀ padà. Apá kan ni ìyálò náà ń gbà, láti ààyè lọ sí àkókò, gẹ́gẹ́ bí tíọ́rì náà ti sọ.

Kì í ṣe gbogbo ìdánwò ló dúró. Ní 2001, Boroditsky kọ ọ́ pé àwọn tó ń sọ Maǹdarín ń ro àkókò ní ìnàró, láti òkè wá sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ èdè wọn. Nígbà tó di 2007, Jenn-Yeu Chen ní apá kan, David January àti Edward Kako ní apá kejì, tún ìdánwò náà ṣe, wọn kò sì rí ohun tó rí.

6.6 Àwọn àríwísí

6.6.1 Ọ̀rọ̀ ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Gregory Murphy ní 1996, àti Matthew McGlone lẹ́yìn rẹ̀, ní òbìrípo ni ẹ̀rí tíọ́rì náà. Bí a bá bèèrè bí a ṣe mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń fi ìrìnàjò ro ìgbésí ayé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn fi í hàn. Bí a bá bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń rò ó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀-ìṣe *jẹ* fi ewu tó wà níbẹ̀ hàn. A ń jẹ oyè, a ń jẹ ogún, a ń jẹ gbèsè, a ń jìyà, a ń jèrè, a ń kówó ìlú jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé OHUN TÓ BÁ KÀN NÍ JẸ́ OÚNJẸ, kí ó sì lọ. Ṣùgbọ́n bí àfiwé bá wà láàyè, ó yẹ kí àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn láti inú ìmọ̀ ìpìlẹ̀ lè tẹ̀ lé e wọlé. Ẹ wo owó ìlú: ẹni tó kó o jẹ ti *gbé e mì*, ó ti *jẹ ẹ́ yó*, ìjọba sì ní dandan ni kí ó *pọ̀ ọ́*. Ìsopọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo gbèsè: kò sí ẹni tó ń jẹ gbèsè yó, kò sí ẹni tó ń gbé gbèsè mì. Bí gbèsè bá pọ̀, ó *wọ ènìyàn lọ́rùn*. Bí ó bá san án tán, ó *bọ́ lọ́rùn* rẹ̀. Ẹrù ni Yorùbá ń fi ro gbèsè, *jẹ* tó wà níwájú rẹ̀ sì ti di àṣà èdè lásán. Kíka àpẹẹrẹ jọ kò tó. A ní láti wo èyí tó ń bímọ nínú wọn, àní bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀rí láti ẹnu la ṣì dì mú.

6.6.2 Ṣé olùsọ̀rọ̀ ń rò ó lásìkò náà? Ẹni tó ní *oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa sanwó* lè má ro ìrìn kankan. Sam Glucksberg àti Boaz Keysar ní ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ wa lẹ́nu kò nílò kí a padà sí ìmọ̀ ìpìlẹ̀ kí a tó lóye rẹ̀. Ìtumọ̀ kejì ti wà nínú iyè bí ìkíní ṣe wà. Brian Bowdle àti Dedre Gentner gbé èyí síwájú ní 2005: àfiwé tuntun ni a ń fi ohun méjì wéra láti lóye, bó bá gbó, ó di ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn alátìlẹ́yìn tíọ́rì náà ń tọ́ka sí ìnawọ́ àwọn Aymara àti ìdánwò ìlà gẹ́gẹ́ bí èsì, ṣùgbọ́n àkókò nìkan ni ìyẹn kàn, kì í ṣe gbogbo àfiwé tí wọ́n kà sílẹ̀.

6.6.3 Apá tí ìsopọ̀ kò dé. Lakoff àti Johnson ní Gẹ̀ẹ́sì ń fi ilé ro àlàyé: àlàyé ní ìpìlẹ̀, ó sì lè wó. Joseph Grady bèèrè ní 1997 pé èé ṣe tí àlàyé kò ní fèrèsé, tí kò ní ayálégbé? Èsì rẹ̀ ni pé wọn kò fi ilé rò ó rárá. Àfiwé kéékèèké ló pàdé níbẹ̀, èyí tó ṣe kókó nínú wọn sì ni pé ohun tó ń bá a lọ jẹ́ ohun tó dúró. Yorùbá gbè é lẹ́sẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ *fìdí múlẹ̀*, ó *fẹsẹ̀ rinlẹ̀*, tàbí kò *lẹ́sẹ̀ nílẹ̀*. Ìdí àti ẹsẹ̀ ni, kò sí ògiri níbẹ̀, kò sí òrùlé.

6.6.4 Ara tàbí àṣà? Zoltán Kövecses àti Lakoff ní ìbínú jẹ́ ohun olómi tó ń gbóná nínú ìkòkò, nítorí pé ara ẹni tó ń bínú máa ń gbóná. Ní 1995, Dirk Geeraerts àti Stefan Grondelaers rán wọn létí pé ìmọ̀ ìṣègùn àtijọ́ ní Yúróòpù kọ́ni fún ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ pé omi mẹ́rin inú ara ló ń darí ìwà. Ọ̀rọ̀ ìbínú àwọn èdè ibẹ̀ lè jẹ́ àjẹkù ìmọ̀ náà. Ìbéèrè kan náà wà nílé. Ara oníbìínú ń *gbóná*, a sì ń fẹ́ kí ó *rọ̀*. Ara ló sọ bẹ́ẹ̀, àbí ètò àṣà tó fi omi tútù àti omi ìgbín ṣe ẹ̀rọ̀? Naomi Quinn, tó fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ará Amẹ́ríkà lẹ́nu wò nípa ìgbéyàwó, sọ ní 1991 pé èrò tí àṣà ti fi sílẹ̀ ló ń ṣáájú. Olùsọ̀rọ̀ kàn ń ṣa àfiwé tó bá a mu ni.

6.7 Àwọn kókó

- Tíọ́rì náà ní inú èrò ni àfiwé wà, pé ìmọ̀ ìpìlẹ̀ ń yá ìmọ̀ àfojúsùn ní ètò.
- *Iwájú* àti *ẹ̀yìn* kò ta kora bí a bá mọ ẹni tàbí ohun tó ni ẹ̀yìn.
- Ìnawọ́ àti ìdánwò gbe ọ̀rọ̀ àkókò lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn àbájáde kan kò dúró nígbà tí a tún wọn ṣe.
- Àríwísí mẹ́rin ni òbìrípo ẹ̀rí, ìlò ọ̀rọ̀ tó ti gbó, ìsopọ̀ tí kò pé, àti àṣà tí a gbójú fò.

Ìdánrawò

1. Fi ìlànà Pragglejaz tú *Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára* palẹ̀. Sọ bí o ṣe pín ọ̀rọ̀ náà àti ìdí.
2. Ẹ̀yìn ta ni, tàbí ẹ̀yìn kí ni, wà nínú gbólóhùn wọ̀nyí: (a) *Ó kú lẹ́yìn ọdún Àjíǹde.* (b) *Láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ni mi ò ti rí i.* (d) *Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kù tí a ó máa wò.*
3. Kó gbólóhùn mẹ́wàá jọ tó ní *jẹ* nínú, tí kì í ṣe oúnjẹ ni a ń jẹ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wò ó bóyá *yó, gbé mì* tàbí *pọ̀* lè tẹ̀ lé e. Àwọn wo ló wà láàyè?
4. Ṣe ètò ìdánwò kan tí yóò fi hàn, láìlo *sún síwájú*, bóyá àwọn tó ń sọ Yorùbá ń ro àkókò bí ohun tó ń rìn bọ̀. Sọ ohun tí yóò mú kí o gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀.
5. Mú ọ̀kan nínú àríwísí 6.6.2 àti 6.6.4. Kọ bí Lakoff yóò ṣe fèsì, kí o sì sọ irú ẹ̀rí tí èsì náà yóò nílò.